Bí Ẹ Ṣe Lè Túmọ̀ Orin Ọmọdé Tí Àtẹ́wọ́ Ò Ní Já

Ìwé yìí wà fún ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, màmá àgbà àti tíṣà lẹ́sìnnì tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ ọmọ ní orin nọ́sìrì lédè wa. Orin kan ṣoṣo la máa tú palẹ̀, èyí tí gbogbo ọmọ nọ́sìrì l'Ékòó mọ̀, tí wọ́n fi ń bẹ òjò kó lọ, kó padà wá lọ́jọ́ mìíràn, torí ọmọ kékeré kan fẹ́ ṣeré.

Ẹ má tíì wo ọ̀rọ̀ rárá, ẹ pàtẹ́wọ́ sí i ná. Àtẹ́wọ́ mẹ́rin ló wà ní ìlà kọ̀ọ̀kan lédè Òyìnbó, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìlà kan gùn ju èkejì lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí èmi túmọ̀ ẹ̀ fáwọn ọmọ kọ́ḿpáùndì wa ní Èbúté Mẹ́ta, ohun tí mo kọ ni "Òjò, òjò, máa lọ, padà wá ní ọjọ́ mìíràn." Ìtumọ̀ ẹ̀ péye o, kò sí àṣìṣe kankan, àmọ́ báwọn ọmọ ṣe dé "ọjọ́ mìíràn" lọwọ́ kálukú gba ọ̀nà tiẹ̀ lọ, ọ̀kan ti pàtẹ́wọ́ tán, èkejì ṣì ń wá "ràn." Ìlà yẹn gùn jù, ó sì há síbi tí kò yẹ.

Ìṣòro kejì ló le jù, ohùn ni. Ẹ rántí dò-re-mí tí tíṣà fi kọ́ wa lámì: òjò tó ń rọ̀, dò dò ni. Òjó tó jẹ́ orúkọ, dò mí ni. Ojo tó ń sá fún ìjà, re re ni. Ohùn orin Òyìnbó yẹn ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀, kò mọ̀ pé dò dò lòjò. Tẹ́ ẹ bá wá gbé "jò" sókè torí orin, Òjó lẹ ń lé kúrò nílé yẹn, tó bá sì wà láàárín àwọn ọmọ, ẹ ti rí ẹkún.

Àwọn ìjọ Kristẹni pàápàá ti jìyà ẹ̀ rí, torí wọ́n máa ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ orin, wọ́n á wá fi í sí ohùn Òyìnbó bó ṣe wà. T. K. E. Phillips, tó tẹ dùùrù ní Katidíráàlì Kristi ní Màríínà láti 1914 dé 1962, wà lára àwọn tó ní ohùn orin gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀, ó sì kọ ìwé lórí orin Yorùbá tó jáde ní 1953. Torí náà, ní tèmi o, ẹ jù ohùn Òyìnbó yẹn nù, àtẹ́wọ́ mẹ́rin nìkan ni kẹ́ ẹ mú, kẹ́ ẹ máa pe ọ̀rọ̀ bí ẹni ń ké ewì.

Èyí tó wá ṣiṣẹ́ nìyí:

Òjò, òjò, yàgò lọ́nà,
Tó bá dọ̀la, padà wá rọ̀,
Túndé, Túndé fẹ́ lọ ṣeré,
Wàrà-wàrà, yàgò lọ́nà!

Ẹ kà á, sílébù mẹ́jọ mẹ́jọ ni, méjì méjì lábẹ́ àtẹ́wọ́ kan: òjò, òjò, yàgò, lọ́nà. "Lọ́jọ́ mìíràn" ti di "tó bá dọ̀la," ẹni tó ń bá òjò sọ̀rọ̀ ò nílò kàlẹ́ńdà. Ẹ má wá ọ̀rọ̀ tó máa parí bákan náà bíi ti Òyìnbó, adùn tiwa wà nínú àtúnsọ àti ọ̀rọ̀ bíi wàrà-wàrà tó ń dún bí òjò fúnra ẹ̀. Ìlà tó kẹ́yìn, gbogbo wọn ni kó pariwo ẹ̀ pọ̀.

Orúkọ ọmọ yín lẹ máa fi dípò Túndé, àmọ́ sílébù méjì ni kó jẹ́. Babátúndé á já àtẹ́wọ́, ẹ gé e kúrú bẹ́ ẹ ṣe ń pè é nílé. Tó bá jẹ́ Ṣadé, ohùn ẹ̀ yàtọ̀ sí ti Túndé, kò burú, torí kíké là ń ké e, a ò fi sí ohùn orin kan pàtó.

Kẹ́ ẹ tó kọ́ wọn, ẹ pa ẹnu dé, kẹ́ ẹ fi "hm hm" ké ìlà náà fún ẹnì kan tó ti mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Tó bá lè sọ ìlà tẹ́ ẹ wà, ohùn yín ti tọ́. Tó bá ní Òjó lòun gbọ́, ẹ tún un ké.