Bí a ṣe ń kọ ìparí ọ̀rọ̀ tí àwọn olùgbọ́ á fi dìde ṣe nǹkan

Ẹ ó ti gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ti sọ ọ́ dáadáa fún ìṣẹ́jú 20, gbogbo èèyàn ń mi orí. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó ní: “Ó dáa, mo rò pé ibi tí mo máa dúró sí nìyẹn. Ẹ ṣeun tí ẹ gbọ́ mi. Ṣé ìbéèrè wà?” Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n mú fóònù wọn, wọ́n lọ. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó yẹ kóun ṣe.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Obìnrin kan fẹ́ bá 60 òṣìṣẹ́ níbi iṣẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa fífi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ. Wọ́n fún un ní ìṣẹ́jú 15. Àwọn tó ń gba ẹ̀jẹ̀ yóò wá ní Ọjọ́bọ̀.

Kọ ìparí kí o tó kọ ìbẹ̀rẹ̀. Orí káàdì kékeré kan ni mo máa ń kọ ọ́ sí, pẹ̀lú pẹ́ńsù, nítorí mo máa pa á rẹ́ léraléra. Ẹ̀yìn àpò ìwé lásán náà tó. Gbólóhùn yìí ló ń kọ́kọ́ wà níbẹ̀: “Nígbà tí mo bá jókòó, mo fẹ́ kí ẹni báyìí ṣe ohun báyìí kó tó di ìgbà báyìí.” Bí o kò bá lè dí àlàfo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀rọ̀ náà kò tíì ṣetán. Ohun tí obìnrin wa kọ nìyí: kí 20 nínú wọn kọ orúkọ sílẹ̀ kí wọ́n tó jáde nínú yàrá. Kò kọ “kí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ,” torí ìyẹn di Ọjọ́bọ̀. Ohun tí èèyàn lè ṣe lójú ẹsẹ̀ ni kí o béèrè.

Gbólóhùn tí o máa fi béèrè ló wá kàn, ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ba iṣẹ́ jẹ́.

Wọ́n á ní “ẹ ronú sí i,” “ẹ ràn wá lọ́wọ́,” “ẹ ṣe àtìlẹyìn.” Báwo ni olùgbọ́ ṣe máa mọ̀ pé òun ti ṣe é? Ohun tí mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò ni pé kí n bi ara mi bóyá ẹnì kan lè fi kámẹ́rà ya ohun tí mo ní kí wọ́n ṣe. Ẹnikẹ́ni kò lè ya àtìlẹyìn ní fọ́tò. Ṣùgbọ́n ẹni tó tẹ̀ba sórí ìwé tó ń kọ orúkọ rẹ̀, ó ṣeé yà.

Àwọn mìíràn á béèrè ohun mẹ́ta pọ̀: ẹ kọ orúkọ, ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ yín, ẹ dá owó. Olùgbọ́ á mú èyí tó rọrùn jù, tàbí kó má mú ìkankan. Ẹyọ kan péré ni kí o mú. Àwọn tí ara wọn kò gbà kí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ńkọ́? Dá wọn lóhùn láàárín ọ̀rọ̀ rẹ, má gbé e wá sí ìparí.

Àṣìṣe tó tún burú ni kíkó àwáwí fún olùgbọ́: “mo mọ̀ pé ọwọ́ yín dí,” “bó bá ṣeé ṣe.” Wọn kò tíì kọ̀, o ti bá wọn kọ̀. Ọ̀pọ̀ rò pé báyìí la ṣe ń bọ̀wọ̀ fúnni. Ọ̀wọ̀ ti wà nínú “ẹ” náà. “Ẹ jọ̀wọ́” kan kò bà á jẹ́. Bó bá di mẹ́ta, ẹ̀bẹ̀ ni.

Sọ ibi tí wọ́n máa lọ, ìgbà tí wọ́n máa lọ, àti bó ṣe máa pẹ́ tó. Ní ọdún 1965, Howard Leventhal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Yale tẹ ìwádìí kan jáde lórí èyí. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé kékeré tó rọ̀ wọ́n láti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tẹ́tánọ́ọ̀sì. Nínú àwọn tó ka ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ nìkan, nǹkan bí 3 nínú 100 ló lọ gbà á. Àwọn kan rí àwòrán ọ̀nà ilé ìwòsàn náà pẹ̀lú, wọ́n sì ní kí wọ́n wo ètò ọ̀sẹ̀ wọn láti mú àkókò tí wọ́n máa lọ. Nínú àwọn yẹn, nǹkan bí 28 nínú 100 ló lọ. Bẹ́ẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ti mọ ọgbà náà dunjú ni gbogbo wọn.

Lẹ́yìn èyí, tò ó bó ṣe yẹ. Gba ìbéèrè kí o tó parí. Dúpẹ́ lẹ́yìn ìbéèrè. Ìgbà náà ni kí o béèrè ohun tí o fẹ́, kí o sì dákẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé kò bójú mu kéèyàn má dúpẹ́, ẹ ó dúpẹ́ dáadáa. Ẹ kàn máa ṣe é ṣáájú ni. Ohun tí obìnrin wa kọ rèé:

“Mo dúpẹ́ fún ìbéèrè yín, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣètò ìjókòó yìí. Ẹ rántí ìyá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kò mọ̀ rí gbà là. Àpò ẹ̀jẹ̀ kan tó nǹkan bí 450 mílílítà, gbígbà á kì í sì í sábà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 lọ. Wọ́n á wà ní yàrá ìpàdé ìsàlẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, láti aago 9 àárọ̀ di aago 3 ọ̀sán. Ìwé àti bírò wà lórí tábìlì ẹnu ọ̀nà. Bí ẹ ti ń jáde, ẹ kọ orúkọ yín síwájú aago tó bá rọ̀ yín lọ́rùn.”

Ibẹ̀ ló parí sí. Ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀ lé e máa dẹ́rù bà ọ́. Ìṣẹ́jú àáyá 3 péré ni, ṣùgbọ́n lójú ẹni tó dúró síwájú, ó máa ń dà bí wákàtí. Inú rẹ̀ ni ẹnu ti ń yọ̀: “Ó dáa, ìyẹn nìyẹn o,” “ó tán.” Gbólóhùn kékeré yẹn á gbọ́n ohun tí o béèrè kúrò lọ́kàn wọn. Mo máa ń kọ DÁKẸ́ sí ìsàlẹ̀ káàdì mi, mo sì ń ka ení, èjì, ẹ̀ta nínú ọkàn mi. Ìwọ náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Há gbólóhùn ìkẹyìn nìkan sórí. Ìyókù lè yí padà díẹ̀. Fi fóònù gba ohùn rẹ. Bí ìparí bá ju ìṣẹ́jú kan lọ, gé e kúrú. Bí ohùn bá ń rẹlẹ̀ kí gbólóhùn náà tó dé òpin, gbólóhùn náà ti gùn jù, pín in sí méjì. Síláìdì ìkẹyìn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ “Ẹ ṣeun”. Ọjọ́, aago àti ibi ni kó wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá sì juwọ́ sí ọ pé àkókò ti tán, fo àárín ọ̀rọ̀, kí o lọ tààrà sórí káàdì náà.

Ìparí báyìí kò bá ọ̀rọ̀ ìsìnkú mu, kò sì bá ẹ̀kọ́ lásán mu. Bí àwọn olùgbọ́ bá sì ń ta ko ohun tí o ń sọ, béèrè ohun tó kéré sí i: kí wọ́n wá wo ibi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀ náà, kí wọ́n bá àwọn nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀.

Bí wọ́n bá ti ń pàtẹ́wọ́, má padà sídìí máìkì. Rìn lọ síbi tábìlì, kí o na bírò sí ẹni tó bá kọ́kọ́ dé.