Bí a ṣe ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda tí áàpù ẹ̀yáwó gbé sójú fóònù

Ẹni tí wọ́n máa ń fi irú àwòrán yìí ránṣẹ́ sí ni mò ń bá sọ̀rọ̀: ọmọ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú ilé, ẹni tó ń ta káàdì lẹ́nu ọ̀nà ọjà, akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ìyá kan fẹ́ yá owó lórí fóònù, áàpù béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, ó ya àwòrán ojú fóònù náà, ó fi ránṣẹ́ lórí Wasáàpù pé kí wọ́n bá òun kà á. Èsì tí mo ń rí jù ni "Ẹ tẹ Allow, Mà, kò sí nǹkan kan níbẹ̀." Àwọn tó tilẹ̀ gbìyànjú láti túmọ̀ rẹ̀ máa ń mú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá fi àdéhùn inú rẹ̀ sílẹ̀. Áàpù ẹ̀yáwó ni mo fẹ́ lò, torí pé ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń dun ènìyàn jù: bí gbèsè bá fi ọjọ́ díẹ̀ pẹ́, gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù náà ni àwọn kan lára wọn máa ń kọ̀wé sí, látorí pásítọ̀ dórí oníbàárà.

Kí ẹ tó túmọ̀ ohunkóhun, ẹ ní kí ẹni náà má tíì tẹ bọ́tìnì kankan, kí ó sì ya gbogbo ojú fóònù náà látòkè délẹ̀. Wọ́n máa ń gé ìsàlẹ̀ kúrò, ìsàlẹ̀ yẹn sì ni lẹ́tà tín-ín-tìn-ìn-tín aláwọ̀ eérú máa ń wà, lábẹ́ bọ́tìnì. Bí àpótí kékeré kan bá wà tí wọ́n ti fi àmì sí kí ó tó débẹ̀, ó gbọ́dọ̀ hàn nínú àwòrán. Kí ó fi ìlà dúdú tó nípọn pa nọ́ńbà àkáǹtì àti BVN rẹ́ kó tó fi ránṣẹ́. Máákà aláwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ kò bo nǹkan kan. Tí lẹ́tà bá kéré jù, ẹ má ṣe méfò. Ẹ lọ sórí Play Store, ẹ wá áàpù náà, ẹ sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí wọ́n kọ "Data safety" àti "Privacy policy" sí, ẹ ó rí ọ̀rọ̀ náà ní lẹ́tà tó ṣeé kà. Ẹ kàn rántí pé ẹni tó ni áàpù ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tó wà lábẹ́ "Data safety".

Tí áàpù náà kò bá sí lórí Play Store rárá, tó jẹ́ pé líǹkì ni wọ́n fi ránṣẹ́, ẹ kọ ìyẹn sókè ìwé yín kí ẹ tó kọ ohun mìíràn. Láti ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni Google kò ti gba áàpù ẹ̀yáwó láyè mọ́ láti wọ inú nọ́ńbà àti fọ́tò orí fóònù oníbàárà. Èyí tó bá ṣì ń béèrè nọ́ńbà, ó gba ẹ̀yìn wọlé tàbí ó ń rú òfin ibi tí wọ́n ti ń tà á.

Ní ti irinṣẹ́, ìwé àjákọ kan àti bírò ti tó. Ẹ fa ìlà sáàárín ojú ewé. Apá òsì ni ohun tí wọ́n kọ gan-an, apá ọ̀tún ni Yorùbá. Mo fẹ́ràn fóònù méjì, kí ọ̀kan gbé àwòrán dání kí n máa fi èkejì kọ̀wé, ṣùgbọ́n ìwé kì í kú nígbà tí iná bá lọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ya ohùn méjì sọ́tọ̀, torí pé ẹnu méjì ló ń sọ̀rọ̀ nínú àwọn àwòrán yẹn. Ọ̀kan ni ìbéèrè fóònù fúnra rẹ̀, bíi "Allow … to access your contacts?", tó ní "Allow" àti "Don't allow" lábẹ́. Fóònù kàn ń béèrè bóyá kí òun ṣílẹ̀kùn ni. Kò mọ ohun tí àlejò máa ṣe tó bá wọlé. Ìkejì ni ọ̀rọ̀ tí ilé-iṣẹ́ áàpù kọ, tó sábà máa ń parí sí "I agree" tàbí "Continue". Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ohun tí wọ́n bá kó ṣe. Ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀ á sọ fún ìyá náà pé "wọ́n fẹ́ wo nọ́ńbà yín," á sì fi apá tó burú sílẹ̀.

Ìbéèrè fóònù rọrùn. Ẹ túmọ̀ ìbéèrè náà, kí ẹ sì túmọ̀ bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. "While using the app" ni ìgbà tí áàpù náà bá wà ní ṣíṣí nìkan. "Only this time" ni ẹ̀ẹ̀kan yìí péré, yóò tún béèrè lọ́jọ́ mìíràn. Lórí ọ̀rọ̀ ibi tí ènìyàn wà, "Precise" ni ojúlé gan-an, "Approximate" ni àdúgbò. "Send and view SMS messages" ni kí ẹ fara balẹ̀ sọ: àyè láti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ àti láti ka èyí tó wà lórí fóònù ni, alẹ́ẹ̀tì báńkì àti kóòdù tí báńkì ń fi ránṣẹ́ sì wà lára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ ló ń ṣe àwọn ènìyàn léṣe. Ẹ wo irú gbólóhùn tó máa ń wà nínú rẹ̀:

"By continuing, you agree that we may access, collect and share your contact data with our affiliates and third parties for purposes including but not limited to debt recovery. We retain your data for as long as necessary."

Ẹ má túmọ̀ rẹ̀ tẹ̀léra tẹ̀léra. Ẹ kọ́kọ́ wá "By continuing". Ohun tó ń sọ ni pé títẹ bọ́tìnì ìsàlẹ̀ ni ìbuwọ́lùwé. Ìyá tó rò pé òun kàn ń lọ sí ojú ewé tó kàn ti fọwọ́ sí ìwé. Èyí ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún un.

Lẹ́yìn náà ẹ dúró lórí "may". Mo ti rí i tí wọ́n pè é ní "bóyá," tàbí "ó ṣeé ṣe kí wọ́n." Ẹni tó bá gbọ́ "bóyá" á rò pé nǹkan ọ̀hún lè má ṣẹlẹ̀, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀. Nínú àdéhùn, àṣẹ ni. "Mo fún wọn láṣẹ láti ṣe é nígbàkígbà tó bá wù wọ́n" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Gbogbo ibi tí ẹ bá ti rí i lẹ́yìn "we", ẹ kọ "mo fún wọn láṣẹ", kí ẹ má ṣe dín in kù.

"Data" náà máa ń ṣini lọ́nà. Tí ẹ bá sọ pé "wọ́n á kó détà yín," ohun tí ẹni náà ń rà lọ́wọ́ oníkáàdì ni yóò wá sí i lọ́kàn, á ní kí wọ́n máa kó o, òun á tún rà. Ẹ pè é ní ohun tí ó jẹ́: nọ́ńbà àti orúkọ àwọn ènìyàn yín, fọ́tò yín, ibi tí ẹ ń gbé. Ẹ dárúkọ nǹkan náà gan-an.

"Affiliates" ni àwọn ilé-iṣẹ́ tó bá wọn tan. "Third parties" ni ẹnikẹ́ni mìíràn tí kì í ṣe ẹ̀yin, tí kì í sì í ṣe wọn: agbowó, olùpolówó ọjà, ẹnikẹ́ni. Bí wọn kò bá dárúkọ ẹnì kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn kò dárúkọ. Ẹ má ṣe bá wọn fi "àwọn alábàáṣiṣẹ́pọ̀ wa" ṣe ọ̀ṣọ́, nítorí ó dùn létí ju ohun tó jẹ́ lọ.

"Including but not limited to" ni ibi tí wọ́n ti ń fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ láìtì. "Gbígba gbèsè, àti ohunkóhun mìíràn tí wọn kò kọ síbí" ni kí ẹ kọ. "As long as necessary" náà kò ní ọjọ́ nínú, "títí di ìgbà tí àwọn fúnra wọn bá sọ pé ó tó." Tí ojú ewé mìíràn nínú òfin wọn bá sọ iye ọdún, ẹ wá a, kí ẹ kọ ọ́.

Nígbà tí ẹ bá parí apá ọ̀tún, ẹ yí gbogbo rẹ̀ padà sí gbólóhùn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Mo gbà". Báyìí ni gbogbo ìtumọ̀ irú èyí gbọ́dọ̀ parí. Ti àpẹẹrẹ wa lọ báyìí:

Mo gbà pé bí mo bá tẹ bọ́tìnì yìí, mo ti buwọ́ lùwé. Mo gbà kí wọ́n kó orúkọ àti nọ́ńbà gbogbo ènìyàn tó wà lórí fóònù mi. Mo fún wọn láṣẹ láti fi fún àwọn ilé-iṣẹ́ tó bá wọn tan, àti àwọn mìíràn tí wọn kò dárúkọ. Mo gbà kí wọ́n fi gba gbèsè, àti fún ohun mìíràn tí wọn kò kọ. Wọn kò sọ ọjọ́ tí wọ́n máa pa á rẹ́.

Ẹ fi ohùn kà á sí Wasáàpù fún un, torí pé ọ̀pọ̀ ìyá gbọ́ ju bí wọ́n ṣe ń kà lọ. Kí ẹ sì ní kó sọ ọ́ padà fún yín lẹ́nu ara rẹ̀. Bí ó bá ní "wọ́n kàn fẹ́ mọ orúkọ mi ni," ìtumọ̀ yín kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ dárúkọ ẹnì kan tó mọ̀: "Mà, nọ́ńbà Ìyálọ́jà ń bẹ níbẹ̀, ti àna yín náà ń bẹ níbẹ̀." Ẹ má ṣe bá a yàn bóyá kó tẹ̀ ẹ́ tàbí kó má tẹ̀ ẹ́. Bó bá bi yín léèrè bóyá ilé-iṣẹ́ náà tilẹ̀ ní ìwé àṣẹ, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ń gbé orúkọ àwọn ayánilówó tí wọ́n fọwọ́ sí jáde lórí ìkànnì wọn. Ẹ jọ wò ó.

Bó bá ti tẹ̀ ẹ́ kó tó pè yín ńkọ́? Lórí Android, ẹ wọ "Settings", "Apps", ẹ yan áàpù náà, ẹ wọ "Permissions", ẹ tẹ "Contacts", ẹ yan "Don't allow". Ìyẹn ti ilẹ̀kùn. Nọ́ńbà tí wọ́n ti kó lọ kò ní tìtorí ìyẹn padà, yíyọ áàpù kúrò lórí fóònù kò sì gbà á padà. Òfin Ààbò Ìsọfúnni ti Nàìjíríà, ti ọdún 2023, fún ènìyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti fa ìyọ̀ǹda rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ti ṣe lọ́nà òfin kó tó fà á padà kò di ẹ̀ṣẹ̀. Nítorí náà, ẹ bá a kọ ìmeèlì sí àdírẹ́sì tó wà nínú "Privacy policy" wọn: ó fa ìyọ̀ǹda rẹ̀ padà, ó fẹ́ kí wọ́n pa nọ́ńbà àwọn ènìyàn rẹ̀ rẹ́, ó fẹ́ mọ àwọn tí wọ́n ti fún. Ẹ so àwòrán ojú fóònù àkọ́kọ́ mọ́ ọn, kí ẹ sì pa ẹ̀dà ìmeèlì náà mọ́ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Tí wọn kò bá dáhùn, NDPC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó òfin yẹn, ni ẹ ó kó gbogbo rẹ̀ lọ bá.