Bátìrì tuntun ni mo rà, 04 ṣì padà wá

Owó bátìrì méjì ni mo san fún àrùn tí kò sí lára bátìrì. Inú ń bí mi títí di òní, torí ohun tó ń da ínfátà mi láàmú kò ju orí wáyà kan ṣoṣo lọ.

Nígbà tí oníná wá, ó wo ojú ínfátà, ó rí 04 tó ń ṣẹ́jú, ó sì dájọ́ lójú ẹsẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, bátìrì yín ti kú. Àfi kẹ́ ẹ ra tuntun." Mítà wà nínú àpò iṣẹ́ rẹ̀, kò yọ ọ́. Mo ra tuntun. Fún ìgbà díẹ̀ gbogbo nǹkan ń lọ geere, mo tiẹ̀ ń yin ọkùnrin náà. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo tan kẹ́tùlù oníná, ínfátà bẹ̀rẹ̀ sí í ké, 04 yọ sójú rẹ̀, iná sì kú pátápátá. Bátìrì tí ọ̀rá rẹ̀ kò tíì gbó!

Ibẹ̀ ni mo ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ oníná. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kéèyàn mọ̀ ni pé kódù kì í dárúkọ ohun tó bà jẹ́. Ohun tí ínfátà rí ló ń sọ. Lórí irú èyí tí mo ní, tó wọ́pọ̀ gan-an, 04 ni fólìtì bátìrì tó lọ sílẹ̀ jù, 07 ni ẹrù tó pọ̀ jù. Bí nọ́ńbà bá ń ṣẹ́jú, ìkìlọ̀ ni. Bó bá dúró gbọin, ínfátà ti pa ara rẹ̀ nìyẹn. Nọ́ńbà ti ilé iṣẹ́ mìíràn lè yàtọ̀, ìwé tó bá a wá ló máa sọ. Ṣùgbọ́n ẹnu ara rẹ̀ ni ínfátà ti ń wọn fólìtì, níbi tí wáyà bátìrì ti wọlé sí i. Kò mọ ohun tó wà lórí bátìrì fúnra rẹ̀.

Ínfátà fólìtì 24 ni temi, bátìrì onífólìtì 12 méjì ni mo sì so tẹ̀ léra. Bó bá ti rí fólìtì tí kò tó 21, á ké. Kò sí ohun tẹ́ ẹ máa rí bí ẹ bá wọn bátìrì nígbà tí kò sí ẹrù lórí rẹ̀, torí náà mo tan kẹ́tùlù oníwáàtì 1,000, mo sì sáré wọn ibi méjì. Lórí bátìrì, mo rí fólìtì 23.1. Lẹ́nu ínfátà, mo rí 20.9. Fólìtì 2.2 ti sọ nù lójú ọ̀nà! Bátìrì kò jẹ̀bi, ti àtijọ́ náà kò sì jẹ̀bi. Ìgbà yẹn ló yé mi ìdí tí bátìrì tuntun fi dà bí oògùn níbẹ̀rẹ̀: ó kún dáadáa, ó lé ní fólìtì 25, nítorí náà bí 2 bá tiẹ̀ sọ nù, èyí tó kù ṣì ga ju 21 lọ. Nígbà tó lò díẹ̀, tó sọ̀ kalẹ̀ sí 23, àṣírí tú.

Wíwá ibi tí 2.2 yẹn wọ̀ ló gba gbogbo sùúrù mi. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lọ, kẹ́tùlù ń hó, èmi ń fi ẹnu méjèèjì mítà tọ ọ̀nà iná lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ fi ẹnu kan sórí òpó bátìrì, kẹ́ ẹ fi èkejì sórí irin tó wà lórí wáyà tẹ́ ẹ dè mọ́ ọn. Ibi tí wọ́n bá ti dè é dáadáa, mítà á fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọ nǹkan kan. Níbẹ̀, mo rí 0.03. Ó dára. Mo kọjá sí fíúsì, ó dára. Mo kọjá sí wáyà òdì, ìyẹn nẹ́gátífù, ó dára. Kẹ́tùlù á hó tán, màá da omi nù, màá tún bu omíràn, inú mi sì ń ru sí i. Ìgbà tí mo wọn wáyà pupa láti irin orí rẹ̀ kan dé irin orí kejì, mítà kọ 1.6.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Wáàtì 1,000 ni kẹ́tùlù, ínfátà náà ń jẹ díẹ̀ fún ara rẹ̀, nítorí náà áńpíà tó ń kọjá nínú wáyà yẹn á tó bí 53. Wáyà bàbà tó nípọn tó 35 mm², tó gùn ní mítà méjì, kò yẹ kó jẹ ju nǹkan bíi fólìtì 0.05 lọ lórí áńpíà bẹ́ẹ̀. Èyí ń jẹ 1.6! Ẹ sọ 1.6 di ìlọ́po 53, ó jẹ́ nǹkan bíi wáàtì 85 tó ń di ooru lórí wáyà kan, bí irin tí wọ́n fi ń jó òjé. Mo pa ínfátà, mo fọwọ́ kan orí kìíní, ó tutù. Mo fọwọ́ kan orí kejì, mo yára fà á padà.

Mo tú òpó òdì kọ́kọ́, kí sípánà má bàa so òdì pọ̀ mọ́ pọ́sítífù, mo sì bọ́ rọ́bà orí wáyà náà. Òòlù ni wọ́n fi lu irin yẹn mọ́ bàbà! Apá kan ti ṣí, fọ́nrán bàbà ti dúdú, àwọn kan ti hu àwọ̀ ewé. Mo gé ibẹ̀ kúrò dé ibi tí bàbà ti ń dán, mo fi irin tuntun sí i, mo sì fi ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi fún irin mọ́ wáyà fún un pinpin. Nígbà tí mo tún tan kẹ́tùlù, bátìrì ṣì wà ní nǹkan bíi 23, ẹnu ínfátà sì kọ 22.5. Kò ké mọ́. Mo jókòó, mo ń wo mítà bí ẹni ń wo ọmọ tó gba ipò kìíní.

07 kò fún mi ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ yọ gbogbo ẹrù kúrò, kẹ́ ẹ tún un tàn. Bó bá ṣì ń kọ 07 láìsí ohunkóhun lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di ti inú ínfátà tàbí ti wáyà ilé. Bó bá lọ, ẹ máa dá ẹrù padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ tó ní mọ́tò ni kẹ́ ẹ fura sí, torí pọ́ńpù tí wọ́n kọ wáàtì 750 sí lára lè fa ìlọ́po márùn-ún rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó bá ń jí.

Ti iná ọba tí ínfátà kò gbà, bíréékà tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà ẹ wọn fólìtì tó ń wọlé. Lórí irú temi, ètò 03 ló ń pinnu fólìtì tó máa gbà, ọ̀nà méjì ló sì ní: UPS gba 170 sí 280, APL gba 90 sí 280. Bí iná bá jẹ́ 150 tí ètò sì wà lórí UPS, kò sí ohun tó bàjẹ́, ínfátà ló kọ̀ ọ́. Ẹ lè yí i sí APL kó gbà á, ṣùgbọ́n 150 yẹn gan-an ló máa kọjá lọ sínú ilé yín, mọ́tò fíríìjì kì í sì fẹ́ràn rẹ̀. UPS ni mo fi temi sí.