Fọ́tò nóòtì tí kò tò lẹ́sẹẹsẹ nínú PDF: ìbéèrè àti ìdáhùn

Apá kan ìwé náà dúdú, mi ò rí i kà.

Òjìji ọwọ́ yín ni. Ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé wá láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ tún un yà.

Mo fi ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù, ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ wá ṣú bàìbàì.

Wọ́sáàpù máa ń dín fọ́tò kù kó lè fúyẹ́. Ẹ yan Document nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́, bó ṣe wà lórí fóònù yín ni yóò ṣe dé.

Bọ̀ọ̀dá, mo kọ nọ́ńbà sí gbogbo fọ́tò náà, síbẹ̀ ojú ìwé kẹwàá ló tẹ̀lé èkíní!

Èyí ti jẹ mí níyà rí. Ọmọbìnrin kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Yábà nírọ̀lẹ́, ìdánwò rẹ̀ sì di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Fọ́tò 23 ló kó wá, ó ti sọ wọ́n ní 1.jpg títí dé 23.jpg. Ètò img2pdf lórí Ubuntu ni mo fi so wọ́n pọ̀. Nígbà tó ṣí i, ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ ojú ìwé kìíní gé sí méjì, orí ọ̀rọ̀ mìíràn ló tẹ̀lé e. Mo rò pé òun ló ṣi orúkọ kọ. Mo ṣí fọ́tò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ló tọ̀nà. Mo pa á rẹ́, mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, bákan náà ló ń jáde. Ìgbà tí mo tẹ `ls`, àṣẹ tó ń to orúkọ fáìlì sílẹ̀, ni ojú mi là: 1, 10, 11, títí dé 19, kó tó kan 2, lẹ́yìn náà 20.

Ẹ̀rọ náà kò ka iye. Láti apá òsì ló ti ń wo orúkọ, bí wọ́n ṣe ń to ọ̀rọ̀ sínú ìwé atúmọ̀ èdè. "Abẹ́rẹ́" gùn ju "ilé" lọ, síbẹ̀ òun ló ń ṣáájú. Bẹ́ẹ̀ náà ni 10 ṣe ń ṣáájú 2: ó rí 1, ó ti parí. Fọ́tò mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ nìkan ló fẹ́ àtúnṣe, kí òdo kan wà níwájú wọn:

```
for i in 1 2 3 4 5 6 7 8 9; do mv $i.jpg 0$i.jpg; done
ls *.jpg
img2pdf *.jpg -o noti.pdf
```

Ẹ wo ohun tí `ls` tò sílẹ̀ kí ẹ tó tẹ ìlà kẹta. Tí fọ́tò bá lé ní 99, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 001.

Wọ́sáàpù ti fún wọn ní nọ́ńbà tẹ́lẹ̀, bíi WA0007. Ṣé mi ò lè lo ìyẹn?

Rárá o. Bí fọ́tò ṣe wọlé sórí fóònù yín ni nọ́ńbà yẹn ń sọ. Tí ọ̀rẹ́ mẹ́ta bá fi ránṣẹ́ pọ̀, gbogbo rẹ̀ á dà rú. Ẹ fi bírò kọ nọ́ńbà sí igun ìwé kí ẹ tó yà á, òun ni ẹ óò máa wò tí ẹ bá ń sọ wọ́n lórúkọ.

Ọ̀rọ̀ etí ìwé ti gé kúrò. Ṣé ẹ lè bá mi mú un padà?

Kò sí oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó lè mú un padà. Ẹ wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó dá ìwé padà fún ẹni tó ni ín.