Ẹ Má Tẹ Ọ̀rá Kí Ẹ Tó Mọ Ibi Tí Ọjà Ń Lọ

Ẹni tó ti mọ bí a ṣe ń yan ẹ̀pà, tó mọ bí a ṣe ń dì í sí ọ̀rá, tó sì fẹ́ máa tà á sókè òkun, la kọ ìwé yìí fún. A kò ní sọ̀rọ̀ yíyan tàbí dídì. Àṣìṣe kan ṣoṣo ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù: àwọn èèyàn á tẹ 10,000 ọ̀rá kí wọ́n tó wá olùrà. Nígbà tí olùrà bá dé, ọ̀rá náà kò bá òfin orílẹ̀-èdè rẹ̀ mu, owó ti wọlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀pà yíyan tí a fi yánmọtí sí lára, 150 giráàmù nínú ọ̀rá kan. Láàbù ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ, èyí tó ní ìwé ẹ̀rí ISO/IEC 17025, tó fi hàn pé àyẹ̀wò wọn ṣeé gbára lé. Àfílátọ́síìnì ni wọn yóò wò, májèlé tó máa ń wà nínú ẹ̀pà tó ti bu. Ní Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ẹ̀pà tí a ó jẹ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ní ju míkrógíráàmù 4 lọ nínú kílò kan, oríṣi B1 kò sì gbọdọ̀ ju 2 lọ. Ní Amẹ́ríkà, 20 ni òpin rẹ̀. Bí èsì yín bá jẹ́ 9, ẹ̀pà náà lè lọ sí Amẹ́ríkà, kò lè lọ sí Yúróòpù. Èsì náà ti bá yín yan ọjà. Ẹ má bu ẹ̀kúnwọ́ kan lókè àpò gbé lọ o. Inú hóró díẹ̀ ni májèlé náà máa ń kó sí, nítorí náà ẹ bu díẹ̀díẹ̀ láti inú gbogbo àpò, lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, kí ẹ pò ó pọ̀, kí wọ́n sì lọ̀ ọ́ pa pọ̀.

Ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ lébẹ́lì tó kàn. Ní Yúróòpù, bí iléeṣẹ́ yín kò bá sí níbẹ̀, orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó kó ọjà náà wọlé gbọ́dọ̀ wà lára ọ̀rá. Ẹni tí kò tíì ní olùrà, orúkọ ta ni yóò tẹ̀? Ẹ̀pà àti yánmọtí gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ìyókù nínú àkójọ èròjà, bóyá kí lẹ́tà wọn dúdú jù, torí pé wọ́n lè ṣe àwọn kan ní jàǹbá. Bí orúkọ ọjà bá dárúkọ yánmọtí, ẹ kọ ìdá tó kó nínú 100. Lẹ́tà x kéékèèké kò gbọdọ̀ kéré ju mìlímítà 1.2 ní gíga. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n. Iyọ̀ ni Yúróòpù ń fẹ́ nínú tábìlì èròjà aṣaralóore tó wà lára ọ̀rá, lórí 100 giráàmù. Amẹ́ríkà ń fẹ́ sódíọ̀mù, lórí ìwọ̀n tí èèyàn ń jẹ lẹ́ẹ̀kan, èyí tó jẹ́ giráàmù 30 fún ẹ̀pà, wọ́n sì ń fẹ́ kí ìwọ̀n ọjà inú ọ̀rá wà ní áńsì pẹ̀lú giráàmù. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kíní ọdún 2023 ni yánmọtí ti di èròjà kẹsàn-án tó pọn dandan kí a dárúkọ níbẹ̀. Tábìlì kan kò lè sin ibi méjèèjì.

Ohun tí ẹ ó ṣe nìyí. Ẹ tẹ iwájú ọ̀rá, ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, kí ẹ lẹ lébẹ́lì mọ́ ọn fún ẹrù àkọ́kọ́. Ẹ fi àwòrán lébẹ́lì ránṣẹ́ sí olùrà, kí ó kọ̀wé pé òun fọwọ́ sí i, kí ẹ tó tẹ ẹyọ kan.

Ní ti iye owó, láti ibi tí wọ́n ti ń tà á lórí pẹpẹ ni kí ẹ ti máa kà á padà sílé. Ẹ jẹ́ ká ní wọ́n ń ta irú rẹ̀ ní dọ́là 5 níbẹ̀. Bí ilé ìtajà bá mú ìdá 35 nínú 100, dọ́là 3.25 ló kù. Ẹni tó ń pín in mú ìdá 25 nínú èyí, ó ku 2.44. Ẹni tó kó o wọlé mú ìdá 15, ó ku 2.07. Owó ọkọ̀ ojú omi, ìbánigbófò àti owó ibodè mú sẹ́ǹtì 40, ó wá ku dọ́là 1.67. Bí ẹ kò bá lè gbé ọ̀rá kan dé inú ọkọ̀ ní iye tó kéré sí èyí, ẹ wá ọjà mìíràn. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìnà ni pé wọ́n ń fi ìdá 35 lé 3.25, wọ́n rí 4.39. Orí dọ́là 5 ni ilé ìtajà ti ń yọ tirẹ̀.

Ohun tí olùrà fi ń gbà yín gbọ́ ni pé ẹrù bá àpẹẹrẹ mu. Ẹ má ṣa ẹ̀pà ránṣẹ́. Ẹni tó ṣà á ti purọ́ kó tó tà. Nọ́ńbà ìdìpọ̀ kan náà gbọ́dọ̀ wà lára ọ̀rá, páálí, èsì láàbù àti ìwé owó. Ẹ fi ọ̀rá 10 pamọ́ nínú ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan títí ọjọ́ rẹ̀ yóò fi kọjá. Bí olùrà bá kọ̀wé pé ẹ̀pà náà ń rùn, ẹ ṣí ọ̀kan nínú wọn kí ẹ tó fèsì.