Bí mo ṣe kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì nígbà tí Sìẹ́nà wa di ọkọ̀ búrẹ́dì

Láti ọjọ́ tí a ti ra Sìẹ́nà wa, iṣẹ́ ilé la fi ń ṣe: ọmọ ń bá a lọ sílé ìwé, gbogbo wa ń bá a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, bí ọdún bá sì dé, a ó wà á lọ kí àwọn ará ilé ní Ẹ̀gbẹ̀. Ní ọdún 2025, ilé búrẹ́dì tí mo ń ṣe ní Kàbà bẹ̀rẹ̀ sí í ní oníbàárà ní Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀, ní Mọ̀pà àti ní Ìsánlú. Àwọn ìyá tó ń tà á níbẹ̀ ò lè máa wọkọ̀ wá sí Kàbà láràárọ̀, ọkọ̀ wa ni yóò máa gbé e lọ bá wọn. Èmi ni mò ń dúró ti ààrò, nítorí náà ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni yóò máa wà á.

Ìnṣọ́ránsì kọ́ńpiríhẹ́ńsíìfù ló wà lórí ọkọ̀ náà, èyí tó ń tún ọkọ̀ ẹni ṣe, tó sì ń san ti ẹni tí a bá kọ lù. Kí búrẹ́dì kankan tó wọ inú rẹ̀, mo kó ìwé ìnṣọ́ránsì náà, èyí tí wọ́n ń pè ní pólísì, jáde, mo kà á láti òkè délẹ̀. Ìlà méjì ló kàn mí lórí sátífíkéètì. Àkọ́kọ́ sọ àwọn tó láṣẹ láti wa ọkọ̀: èmi àti ọkọ mi, kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Sátífíkéètì àwọn mìíràn máa ń sọ pé ẹnikẹ́ni tí ẹni tó ni ọkọ̀ bá fún láyè, tó sì ní láísẹ́ńsì, lè wà á, ìdí nìyí tí kò fi dáa kí èèyàn fi ti aládùúgbò ṣe ìwọ̀n tirẹ̀. Ìlà kejì sọ ohun tí a lè fi ọkọ̀ ṣe, ìyẹn ìrìn ara ẹni, iṣẹ́ ilé àti ìgbafẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá sọ ọ́ gbangba pé kò kan gbígbé ẹrù ọjà, kò sì kan gbígbé èrò gba owó.

Iye tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, orí ìlà méjèèjì yìí ni wọ́n ti ṣírò rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń lọ sílé ìwé láàárọ̀ tó sì ń sùn lọ́sàn-án yàtọ̀ sí èyí tó ń jáde ní ìdájí, tó ń dúró tó ń ṣí ní gbogbo ìlú. Bí ìjàǹbá bá wá ṣẹlẹ̀, ohun tí ẹni tí wọ́n bá rán wá wo ọkọ̀ máa ń bèèrè ni pé ta ló wà á, kí ló gbé, níbo ló ń lọ. Bí ìdáhùn wa ò bá bá ohun tó wà lórí ìwé mu, wọ́n lè sọ pé àwọn ò ní tún ọkọ̀ náà ṣe, ẹjọ́ wa ò sì ní rọrùn.

Mo kọ́kọ́ pe ajẹ́ńtì tó bá wa ṣe ìnṣọ́ránsì náà. Ó dá mi lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ní, "Kò séwu, mà, mo ti gbọ́, màá bá yín sọ fún wọn." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì sọ fún un pé lẹ́tà ni mo fẹ́ kọ. Ohun tí ajẹ́ńtì gbọ́ lórí fóònù ò sí nínú fáìlì, bó bá sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la, ta ni yóò jẹ́rìí mi?

Kí n tó kọ ọ́, mo ní láti mọ irú òwò tí mo fẹ́ pè é gan-an, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń dà á pọ̀. Kí ọkọ̀ gbé ẹrù tèmi lọ sọ́jà tèmi jẹ́ ọ̀kan. Kí ọkọ̀ gbé ẹrù ẹlòmíràn tàbí èrò, kí wọ́n sanwó ọkọ̀, ọ̀tọ̀ ni ìyẹn. Ẹ wo owó tẹ́ẹ́dì páátì, ìyẹn ìnṣọ́ránsì tó ń san ti ẹni tí a bá kọ lù nìkan, tí NAICOM, àjọ tó ń ṣàkóso ìnṣọ́ránsì, fi lélẹ̀ láti oṣù Jánúárì 2023: ọkọ̀ ara ẹni jẹ́ ₦15,000, ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù ẹni tó ni ín jẹ́ ₦20,000, ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gbé ẹrù fún gbogbo ayé sì jẹ́ ₦100,000. Ẹni tó bá kàn kọ "òwò" sínú lẹ́tà rẹ̀, wọ́n lè tò ó sí ibi tó gbówó lórí, tàbí kí wọ́n tò ó síbi tí kò ní gbà á lọ́jọ́ ìṣòro.

Ní ọ̀nà tiwa yìí, ìyàtọ̀ náà ò ju nína ọwọ́ lọ. Bí ọkọ̀ bá ń padà bọ̀ lófìfo láti Ìsánlú, èèyàn ò ní ṣàìdúró létí ọ̀nà ní Mọ̀pà pẹ̀lú àpò gàrí. Á ní, "Ọ̀kun o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé mi dé Kàbà," á sì fi owó há awakọ̀ lọ́wọ́. Lójú ẹsẹ̀ tó bá ti gbà á, ọkọ̀ mi ti di ọkọ̀ èrò fún ìrìn àjò yẹn, ìwé mi ò sì mọ̀ ọ́n. Mo pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jókòó, mo sọ fún un pé èmi náà mọ̀ pé ó le láti fi àgbà sílẹ̀ sójú oòrùn, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Mo gbọ́, Àǹtí." Mo sì kọ ìlérí yẹn sínú lẹ́tà.

Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ lẹ́tà náà nítorí ọ́fíìsì wọn. Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí:

> Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka Ìnṣọ́ránsì Ọkọ̀,
>
> Àfikún awakọ̀ àti àyípadà ìlò ọkọ̀ (nọ́ńbà pólísì àti nọ́ńbà ọkọ̀ wà lókè)
>
> Èmi tí mo ni pólísì yìí ń bẹ̀ yín kí ẹ ṣe àtúnṣe méjì sí i láti ọjọ́ 8 oṣù Ògọ́sì 2025.
>
> Ẹ fi awakọ̀ kan kún un. Orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ẹ̀dà láísẹ́ńsì rẹ̀ sì wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ẹni ọdún 29 ni, ó ti ní láísẹ́ńsì láti ọdún 2019. Kò ní ìjàǹbá ọkọ̀ láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Òṣìṣẹ́ mi ni, mo ń san owó oṣù fún un.
>
> Ẹ yí ìlò ọkọ̀ kúrò ní ti ara ẹni sí ti òwò tèmi. Búrẹ́dì tí mo ṣe ni yóò máa gbé láti Kàbà lọ sí Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀, Mọ̀pà àti Ìsánlú, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, láti aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí sí aago mẹ́wàá. A ó ṣì máa fi ṣe iṣẹ́ ilé. Kò ní gbé èrò tàbí ẹrù ẹlòmíràn gba owó. A yọ ìjókòó ẹ̀yìn kúrò kí àpótí búrẹ́dì lè ráyè. Inú ọgbà tó ní géètì ló ń sùn.
>
> Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ iye tí a ó fi kún owó wa, kí ẹ sì fi ìwé sọ fún mi bí ẹ bá gbà àti ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀. Awakọ̀ yìí kò ní wa ọkọ̀ náà, búrẹ́dì kò sì ní wọ inú rẹ̀, títí ìwé yín yóò fi dé.

Ọkọ mi bi mí pé kí ni ìjókòó kàn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó kàn án, torí ọkọ̀ tí wọ́n wò nígbà tí a ń ṣe ìnṣọ́ránsì, èrò méje ló ń gbà, èyí tí yóò wà lójú ọ̀nà kò sì rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn lẹ́tà náà sì ni mo fẹ́ràn jù, nítorí bíbéèrè ò tíì jẹ́ gbígbà. Ọjọ́ tí wọ́n bá tẹ̀wọ́ gbà á ni ààbò ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí mo fi lẹ́tà ránṣẹ́. Mo fi ímeèlì ránṣẹ́, mo sì tún mú ẹ̀dà méjì lọ sí ẹ̀ka wọn ní Lọ́kọ́ja, kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ àti ọjọ́ lu ọ̀kan fún mi kí n mú un padà.

Wọ́n pè mí láti bèèrè bóyá ọkọ̀ yóò máa gbé èrò, mo sì ní kí wọ́n wo lẹ́tà. Lẹ́yìn ìyẹn ni iye owó dé. Mílíọ̀nù mẹ́rin náírà ni a ka ọkọ̀ sí nínú pólísì. Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún la ń san tẹ́lẹ̀, ìyẹn ₦200,000 lọ́dún. Wọ́n ní fún òwò, ìdá mẹ́fà ni, ìyẹn ₦240,000. Ìyàtọ̀ jẹ́ ₦40,000 fún odindi ọdún, ṣùgbọ́n pólísì wa yóò parí ní ọjọ́ 31 oṣù Disẹ́ḿbà. Láti ọjọ́ 8 oṣù Ògọ́sì dé ọjọ́ yẹn jẹ́ ọjọ́ 146 nínú 365. Bí a bá sọ ₦40,000 di ìlọ́po 146, tí a sì fi 365 pín in, ₦16,000 ló kù. Iye tí wọ́n kọ nìyẹn gẹ́lẹ́. Ẹni tí wọ́n bá ní kó san owó odindi ọdún fún oṣù mélòó kan, kó ní kí wọ́n fi ìṣírò ọjọ́ hàn òun.

Mo san án lójú ẹsẹ̀, sínú àkáǹtì ilé iṣẹ́ náà, kì í ṣe ti ẹnìkan. Láti inú òfin ìnṣọ́ránsì ọdún 2003 ló ti wà pé bí owó ò bá wọlé, kò sí ààbò.

Ìwé àtúnṣe dé, mo sì fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà mi, mo ń tọ́ka sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orúkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀ dáadáa. Ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ náà péye. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n kọ ìlò ọkọ̀ sí, "ti ara ẹni" ló ṣì wà, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti gba owó òwò. Ká ní mo kàn ká a sínú fáìlì ni, ọkọ̀ ìbá máa gbé búrẹ́dì lójú ọ̀nà pẹ̀lú ìwé tó ní kó má gbé e. Mo dá a padà pẹ̀lú rìsíìtì, mo fa ìlà sábẹ́ ibi tí àṣìṣe wà, mo sì bèèrè sátífíkéètì tuntun, nítorí ti àtijọ́ ò lè bá ìwé àtúnṣe mu mọ́. Nígbà tí èyí tó péye dé, mo wo nọ́ńbà ọkọ̀ lórí askniid.org láti rí i pé sátífíkéètì náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo kó kọ́kọ́rọ́ lé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́. Ẹ̀dà sátífíkéètì tuntun wà nínú àpótí iwájú ọkọ̀, ìwé gan-an wà nílé.

Ohun kan wà tí lẹ́tà yìí ò ṣe, mo sì bèèrè rẹ̀ kí ó lè dá mi lójú. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ yóò tún ọkọ̀ ṣe, yóò sì dáhùn fún ẹni tí a bá pa lára. Búrẹ́dì tó bá bàjẹ́ sínú rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ìnṣọ́ránsì ẹrù tó wà lójú ọ̀nà, ọ̀tọ̀ ni owó rẹ̀. Mo wo iye búrẹ́dì tó ń wọ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo rí i pé a lè fara da àdánù àárọ̀ kan, mo sì fi ìyẹn sílẹ̀ fún ìgbà tí a bá ra ọkọ̀ tó tóbi ju èyí lọ.