Bó ṣe yẹ kí fídíò ọjà tẹ̀ léra

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tajà lórí Wọ́sáàpù, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe fídíò ọjà, ẹ jẹ́ kó tẹ̀ léra báyìí: ohun tó wà lára ọjà náà, àǹfààní tíyẹn máa ṣe fẹ́ni tó rà á, kẹ́ ẹ tó wá fẹ̀rí hàn. Ká ní fúláàsì oúnjẹ lẹ ń tà. Ẹ ṣí i, ẹ tọ́ka sí rọ́bà tó yí ìdérí ẹ̀ ká, ìṣẹ́jú àáyá 10 ti tó fún ìyẹn o, torí kò sẹ́ni tó ń torí rọ́bà rajà. Ẹ wá sọ pé ọbẹ̀ ọmọ ò ní dà sínú báàgì iléèwé mọ́. Ibi ẹ̀rí gan-an ni kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀: ẹ bu sóbò tútù sí i (ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe omi gbígbóná), ẹ dé e, ẹ dorí ẹ̀ kodò sórí tíṣù funfun, ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa, kẹ́ ẹ sì sún kámẹ́rà mọ́ tíṣù yẹn, ẹ má gé fídíò níbẹ̀ rárá, torí tẹ́ ẹ bá gé e pẹ́nrẹ́n báyìí, oníbàárà á ní ẹ ti pààrọ̀ tíṣù. Ìdí tó fi gbọ́dọ̀ tẹ̀ léra ni pé tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ dorí ẹ̀ kodò, ẹni tó ń wò ó ò tíì mọ ohun tóun fẹ́ máa wò. Àmọ́ ọṣẹ tàbí ìpara tó ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́ ò ṣeé fẹ̀rí ẹ̀ hàn lójú ẹsẹ̀, ohùn oníbàárà tó ti lò ó, tó sì gbà kẹ́ ẹ lo ohùn òun, lẹ máa fi síbẹ̀.